Láti Inú Lẹ́tà Ìkéde sí Inú Fídíò: Àtúnkọ Ìkíni-Káàbọ̀ fún Ilé Ìlera Àdúgbò

Ìfáárà

Iṣẹ́ púpọ̀ ni àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá ti ṣe lórí ìtumọ̀ láti èdè mìíràn sí èdè Yorùbá. Ṣùgbọ́n àtúnkọ láti Yorùbá sí Yorùbá, èyí ni pé kí a mú ọ̀rọ̀ tí a kọ fún ojú kí a sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí etí yóò gbọ́, kì í sábàá rí àyè láàrin wa. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò bá pàdé nìyí nígbà tí wọ́n bá jáde, nítorí pé ìkéde tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri tẹ́lẹ̀ ti ń di fídíò tí ará àdúgbò ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn lórí fóònù.

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé iṣẹ́ náà kò le. Wọ́n á fún ẹnì kan tí ohùn rẹ̀ dùn ní lẹ́tà náà kí ó kà á, wọ́n á sì fi àwòrán ilé tì í lẹ́yìn. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú pépà yìí ni pé lẹ́tà tí a kà sókè kò tíì di ìwé eré fídíò, àti pé ohun tí ó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ju gígùn gbólóhùn lọ. Nínú lẹ́tà, ènìyàn lè sọ̀rọ̀ láìsọ ẹni tí yóò ṣe nǹkan, ọjọ́ tí yóò ṣe é àti iye tí yóò gbà. Nínú fídíò, kò ṣeé ṣe. Ìyá tí ó gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ 6 rìn lọ sí ilé ìlera ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ àjẹsára, tí wọ́n sì ní kí ó padà, lè má tún wá mọ́. Irú gbólóhùn tí a kọ ní í máa ń fà á.

Lẹ́tà náà

Lẹ́tà tí a ó lò kì í ṣe ti ilé ìlera kan pàtó. A kọ ọ́ ní àfijọ irú èyí tí ìgbìmọ̀ ìlera wọ́ọ̀dù máa ń kọ, a sì gbé e kalẹ̀ sí àdúgbò kan ní Ìbàdàn, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ ti kọ́ ilé ìlera alábọ́ọ́dé sí ẹ̀yìn ọjà. Báyìí ni ó lọ:

“Sí gbogbo olùgbé àdúgbò. Ìkéde ṣíṣí ilé ìlera titun. Pẹ̀lú ìdùnnú ni ìgbìmọ̀ yìí fi ń fi tó yín létí pé ilé ìlera alábọ́ọ́dé tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ sí àdúgbò wa ni a ó ṣí ní ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀. Ilé ìlera náà, èyí tí a kọ́ láti mú kí ètò ìlera súnmọ́ àwọn ará ìlú ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà ìjọba, ni àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n mọ iṣẹ́ dunjú yóò ti máa ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún tọmọdé tàgbà nígbàkúùgbà. Lára àwọn iṣẹ́ tí yóò máa wáyé níbẹ̀ ni fífún ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, àmójútó aboyún, ìgbẹ̀bí, ìtọ́jú ibà, wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìfètò-sọ́mọ-bíbí àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. A rọ gbogbo ènìyàn láti yẹra fún lílo oògùn láìgba ìmọ̀ràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lo àǹfààní yìí. A ń retí yín. Fún ìgbìmọ̀, Akọ̀wé.”

Kò sí àṣìṣe gírámà kankan nínú rẹ̀ tí olùkọ́ yóò fi bíírò pupa fà lábẹ́. Akọ̀wé náà mọ èdè. Bí a bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ọba, ó bójú mu, nítorí pé ẹni tí ó bá sọnù sí àárín gbólóhùn kejì lè gbé ojú padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Etí kò lè padà sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí á wo gbólóhùn kejì yẹn dáadáa. Àkíyèsí alátẹnumọ́ ni. A gbé àpólà-orúkọ “ilé ìlera náà” síwájú, a fi awẹ́-gbólóhùn asàpèjúwe tí ó ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ há àárín òun àti “ni”, a tún wá fi olùwà tí ó ní awẹ́ asàpèjúwe tirẹ̀ sí i, kí a tó dé orí ọ̀rọ̀-ìṣe. Nígbà tí ohùn bá fi máa dé “yóò ti máa ṣe”, olùgbọ́ ti gbàgbé ohun tí “ti” yẹn ń tọ́ka sí. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni yóò kù sí i létí: “ọ̀fẹ́” àti “nígbàkúùgbà”. Àwọn méjèèjì gan-an ni kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó fi olùṣe pamọ́

Àwọn iṣẹ́ ilé ìlera inú lẹ́tà náà, ọ̀rọ̀-orúkọ ni gbogbo wọn. A ṣẹ̀dá “fífún” àti “wíwọn” láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe nípa àpètúnpè ẹlẹ́bẹ. A ṣẹ̀dá “àmójútó”, “ìtọ́jú” àti “ìgbẹ̀bí” nípa lílo àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀. A mọ̀ pé bí a bá ti sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ báyìí, olùwà rẹ̀ lè sá lọ, àsìkò rẹ̀ náà lè sá lọ. “Wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru” kò sọ ẹni tí ń wọ̀n ọ́n, kò sọ ọjọ́, kò sì sọ owó. Èyí wúlò fún akọ̀wé tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ ìdáhùn. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò lè ya “wíwọn”. Ẹnì kan ni yóò yà, tí ó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹlòmíràn, ní yàrá kan, ní àkókò kan.

Nítorí náà, ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní nínú àtúnkọ ni pé kí a mú ọ̀rọ̀-orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí a dá a padà sí ọ̀rọ̀-ìṣe, kí a sì fi olùwà fún un. Níbi tí a kò bá ti rí olùwà, tàbí tí a kò mọ ìgbà, ibẹ̀ ni ìbéèrè wà tí a ní láti gbé lọ bá nọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ olórí ilé ìlera náà kí a tó kọ ohunkóhun. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìbéèrè mẹ́ta ni ó jáde.

Èkíní ni ti “ọ̀fẹ́”. Ìdáhùn nọ́ọ̀sì ni pé àjẹsára ọmọdé ni ọ̀fẹ́. Oògùn ibà àti oògùn mìíràn ń gba owó, a sì ti kọ iye wọn sára ògiri. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ìtẹnumọ́ kan ṣoṣo nínú lẹ́tà ṣe bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ “ìtọ́jú ọ̀fẹ́”, tí ó dé ibẹ̀ láìmú owó lọ́wọ́, yóò gbà pé nọ́ọ̀sì ni ó ń fi owó ìjọba ṣe ara rínrìn.

Èkejì ni ti “nígbàkúùgbà”. Láti aago 8 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni ilé ìlera náà ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Ní òru àti ní òpin ọ̀sẹ̀, agbẹ̀bí kan ni ó ń sùn síbẹ̀ nítorí àwọn tí ń rọbí. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná gan-an ní aago méjì òru, ọsibítù ńlá ni kí wọ́n gbé e lọ. A kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìyá ọmọ náà kọ́kọ́ sáré wá sí ẹnu ilẹ̀kùn tí a tì.

Ẹ̀kẹta ni ti ọjọ́ àjẹsára, èyí tí lẹ́tà náà kò mẹ́nu kàn rárá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni. Ó yẹ kí ẹni tí ń kọ ìwé eré mọ ìdí rẹ̀, kí ó má baà rò pé ọ̀lẹ ni ó fà á. Abẹ́rẹ́ tí ń dènà ikọ́ fée àti èyí tí ń dènà èèyi máa ń wà ní lúbúlúbú nínú ìgò. A ó fi omi tí ó bá a wá pò ó kí a tó lò ó. Ìgò kan máa ń tó ọmọ mẹ́wàá tàbí ogún. Bí a bá ti pò ó, kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 6 tí a ó fi da ìyókù nù. Bí nọ́ọ̀sì bá ṣí ìgò fún ọmọ kan ṣoṣo lójoojúmọ́, èyí tí a dà nù yóò pọ̀ ju èyí tí a lò lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kó àwọn ọmọ jọ sí ọjọ́ kan. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí sì ṣe pàtàkì nítorí pé ìgbà tí ọmọ ní láti wá pọ̀: ìgbà tí a bá bí i, ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù 9 àti oṣù 15.

Ọ̀rọ̀ “abẹ́rẹ́ àjẹsára” náà yẹ fún àkíyèsí. Ó ti di orúkọ gbogbo àjẹsára ní ẹnu wa, ṣùgbọ́n èyí tí a ń kán sí ọmọ lẹ́nu nítorí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ìyá tí ó ti gbọ́ “abẹ́rẹ́” nìkan, tí ó sì rí i pé wọ́n kán nǹkan sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, lè máa ronú pé kí ni èyí. “Àjẹsára” lásán tó. Àwòrán yóò fi abẹ́rẹ́ àti ẹ̀kán-sẹ́nu hàn.

Ta ni onílé, ta ni àlejò?

Bí a bá ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí, ó ku bí a ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí a ṣe fídíò ìkíni-káàbọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dà tí a ti rí máa ń fi “Ẹ káàbọ̀ sí ilé ìlera wa” bẹ̀rẹ̀, nígbà tí nọ́ọ̀sì dúró ní iwájú kámẹ́rà tí ó ń rẹ́rìn-ín. Gbólóhùn yìí dá wa lójú tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi í bi ara wa léèrè ìtumọ̀ rẹ̀. “Ẹ kú àbọ̀” ni ó di “ẹ káàbọ̀” nípa àrànmọ́. Ẹni tí ó ti bọ̀, tí ó ti dé, ni a ń kí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń wo fídíò kò tíì dé ibì kankan. Ó jókòó sílé rẹ̀, tàbí ó wà ní ìsọ̀, fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́. Bí a bá fẹ́ tẹ̀lé ìlànà ìkíni Yorùbá, òun gan-an ni onílé, ilé ìlera ni àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àdúgbò. Àlejò ní í kọ́kọ́ kí onílé pé “Ẹ kú ilé o”. Onílé ní í dáhùn pé “Ẹ káàbọ̀”.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkíni lásán. Nínú lẹ́tà, ìgbìmọ̀ ni ó ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀ láti òkè wá: “ìgbìmọ̀ yìí”, “a rọ gbogbo ènìyàn”. Bí nọ́ọ̀sì bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ẹ kú ilé o”, ipò ti yí padà kí ó tó sọ gbólóhùn kejì. Ó ti gbà pé àdúgbò ti wà kí òun tó dé. Nítorí náà, a mú un jáde kúrò nínú ọgbà ilé ìlera, a fi í sí ojú títì lẹ́bàá ìsọ̀ ìyá àgbàlagbà kan. Nígbà tí ìyá náà bá wá sí ilé ìlera lẹ́yìn náà, ìkíni yóò yí padà: ìyá ni yóò kí “Ẹ kú ilé”, nọ́ọ̀sì ni yóò sì wí pé “Ẹ káàbọ̀, mà”. Ibẹ̀ ni ìkíni-káàbọ̀ tí wọ́n rán wa ti wáyé, ní àyè tirẹ̀.

Àwọn ìkíni mìíràn tún ní ewu tiwọn. “Ẹ káàárọ̀” kò ṣeé lò, nítorí pé a kò mọ ìgbà tí ẹnikẹ́ni yóò wò ó. “Ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀” náà kò ṣeé lò. Lẹ́tà ní ọjọ́ tí a kọ sí òkè rẹ̀. Fídíò tí ó ti kọjá lọ́wọ́ ogún ènìyàn kò ní. Ọdún kan lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ṣí ilé ìlera náà, ẹnì kan yóò ṣì máa retí ọjọ́ Ajé. A kọ “a ti ṣí i”, a sì sọ fún ìgbìmọ̀ náà pé kí wọ́n má ṣe fi fídíò jáde títí di àárọ̀ ọjọ́ ìṣílé.

Èyí tí ó burú jù lọ ni “A ń retí yín”. Fún ilé ìtajà, kò sí ohun tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n kí nọ́ọ̀sì wo kámẹ́rà kí ó sọ pé òun ń retí ènìyàn ní ilé ìwòsàn, àgbàlagbà tí ó bá gbọ́ ọ yóò fi ọwọ́ yí orí ká, yóò ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Bákan náà ni “bí ọmọ yín bá ṣàìsàn” tí a sọ tààrà sí olùgbọ́. “Bí ara ọmọ bá gbóná” kò tọ́ka sí ọmọ ẹnì kankan. Ọ̀nà àbáyọ tí a rí fún ìparí ni pé kí a pe àwọn tí ara wọn dá. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábàá fi ara hàn ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ìgbà tí ara bá le gan-an ni ó yẹ kí ènìyàn wá wọ̀n ọ́n. Ìpè yìí bá ìṣègùn mu, ó sì bá àṣà mu.

Ìwé eré náà

Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni a fi sí i. Òṣùwọ̀n tí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ń lò fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń ka iye ọ̀rọ̀ inú ìṣẹ́jú kan, kò bá tiwa mu, nítorí pé àkọtọ́ wa máa ń ya ọ̀rọ̀ kéékèèké sọ́tọ̀, tí ẹnu sì máa ń pa wọ́n pọ̀. Kí a kà á sókè pẹ̀lú aago ni ó dájú. Kí ohùn má sì gba gbogbo àkókò náà: níbi tí àwòrán bá ti ń sọ̀rọ̀, kí ẹnu dákẹ́.

Àwòrán 1. Ojú títì lẹ́yìn ọjà. Nọ́ọ̀sì nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́sẹ̀, ó dúró níwájú ìsọ̀ ìyá àgbàlagbà kan, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.
Nọ́ọ̀sì: Ẹ kú ilé o, mà. Ẹ kú ọjà.
Ìyá: Ẹ káàbọ̀ o, nọ́ọ̀sì.
Nọ́ọ̀sì (ó yíjú sí kámẹ́rà): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará àdúgbò wa. Àlejò yín ni wá. Ilé ìlera tí ẹ rí tí wọ́n ń kọ́ lẹ́yìn ọjà, ó ti parí. A ti ṣí i.

Àwòrán 2. Ẹnu géètì, pátákó orúkọ hàn. Ìyá náà ń wọlé.
Ìyá: Ẹ kú ilé o.
Nọ́ọ̀sì: Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ wọlé, ẹ jókòó.

Àwòrán 3. Yàrá ìjókòó, aago ara ògiri. Lójú àwòrán: 8 àárọ̀ – 4 ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ní òru, iná tàn lókè rẹ̀, agbẹ̀bí ṣílẹ̀kùn fún aboyún.
Nọ́ọ̀sì: Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì ni à ń ṣiṣẹ́. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni à ń ṣí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni à ń tì. Aboyún tí ó bá ń rọbí nìkan ni à ń gbà tọ̀sán tòru. Ẹ kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́. Agbẹ̀bí wà nínú ilé. Àìsàn yòówù tí ó bá dé lóru, ọsibítù ńlá ni kí ẹ gbà lọ.

Àwòrán 4. Wọ́n ń wọn ọmọ lórí ìwọ̀n. Wọ́n kán àjẹsára sí òmíràn lẹ́nu. Wọ́n gún òmíràn ní abẹ́rẹ́ ní itan. Lójú àwòrán: Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀.
Nọ́ọ̀sì: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, èyí ni Túsìdeè àti Tọ́sìdeè, ni ọjọ́ àjẹsára ọmọ. Ẹ mú kádì ọmọ dání. Àjẹsára, ọ̀fẹ́ ni.

Àwòrán 5. Nọ́ọ̀sì ń gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ lórí ìka ọmọkùnrin kan. Lẹ́yìn náà, ògiri tí a kọ iye owó oògùn sí.
Nọ́ọ̀sì: Bí ara bá gbóná, a kì í fojú wo ibà. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lórí ìka, èsì yóò jáde kí ẹ tó kúrò níbí. Oògùn, owó ni. Iye rẹ̀ nìyí lára ògiri, kò sí ẹni tí yóò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ó bá ju agbára wa lọ, a ó kọ ìwé lé yín lọ́wọ́ lọ sí ọsibítù ńlá.

Àwòrán 6. Ìyá àkọ́kọ́ jókòó, wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó ń bá nọ́ọ̀sì ṣe àwàdà.
Nọ́ọ̀sì: Kì í ṣe àìsàn ni yóò gbé yín wá o. Nígbà tí ara bá le ni kí ẹ wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Àlàáfíà ni a ó fi máa rí ara wa.
Ìyá: Àmín o.

A ó ṣàkíyèsí pé àkíyèsí alátẹnumọ́ kò kúrò nínú iṣẹ́ náà. Ó kàn kúrú ni. “Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni”, “aago mẹ́jọ àárọ̀ ni”, “ọ̀fẹ́ ni”, “owó ni”: ohun tí olùgbọ́ ní láti rántí ni ó wà lẹ́bàá “ni”, láìsí awẹ́-gbólóhùn gígùn tí ó há sí àárín. Ìyá sọ pé “Ẹ káàbọ̀” fún nọ́ọ̀sì tí ó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ ni ó ń kí. Nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ kúnlẹ̀, ó sì fi “mà” kún un, nítorí pé ọjọ́ orí ni òun ń kí. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá fo tirẹ̀, àwọn tí ń wò ó yóò mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn kan nínú wa yóò fajú ro nítorí “Túsìdeè”. Èrò tèmi ni pé ọjọ́ orúkọ Yorùbá ni kí ó ṣáájú, kí ti àyálò tẹ̀lé e. Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ bẹ̀rẹ̀ bákan náà létí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìlú ni kò sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà èwo ni ó ṣáájú. Ìgbéga èdè kò níí ṣe pẹ̀lú kí ọmọ pàdánù àjẹsára.

Iṣẹ́ ti “yẹra fún lílo oògùn láìgba ìmọ̀ràn” ni a yọ kúrò pátápátá. Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dábàá pé kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó fún ènìyàn ní oògùn ibà. Àwòrán ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ orí ìka ń ṣe iṣẹ́ ìkìlọ̀ yẹn láìbá ẹnikẹ́ni wí. Ìfètò-sọ́mọ-bíbí kò sí nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nọ́ọ̀sì ni ó ní kí a fi sílẹ̀, pé àwọn obìnrin kan kò ní fẹ́ kí ọkọ wọn rí i pé ilé ìlera tí àwọn ń lọ ń ṣe irú rẹ̀, àti pé òun yóò máa bá wọn sọ ọ́ níbi ìtọ́jú ọmọ. Àríyànjiyàn wà nínú èyí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ àdúgbò ni ó sọ ọ́.

Ìdánwò lójú àti létí

Ìwé eré kò tíì parí títí a ó fi dán an wò. Ìdánwò kìn-ín-ní ni pé kí a gbọ́ ohùn láìwo àwòrán, bí ẹni tí ń dáná tí fóònù wà lórí àga. Ìkejì ni pé kí a wo àwòrán láìgbọ́ ohùn, bí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ èrò. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó bi àwọn tí ó wò ó ní ìbéèrè mẹ́ta: ọjọ́ wo ni ẹ óò gbé ọmọ lọ fún àjẹsára? Ṣé ẹ óò mú owó dání? Bí ara ọmọ bá gbóná lóru, níbo ni ẹ óò gbà lọ? A kò bèèrè bóyá ó dùn. Àwọn ènìyàn wa kì í sọ fún ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ pé kò dùn.

Nínú kíláàsì, ẹ̀dà kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kọ sọ nípa aboyún pé “Fún ẹni tí ń rọbí, kò sí àkókò.” Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé ìgbàkúùgbà ni ó lè wá. Ohun tí àwọn olùgbọ́ gbọ́ ni pé àwọn nọ́ọ̀sì kò ráyè gbọ́ tirẹ̀. Lójú ìwé, kò sí ẹni tí ó rí i. Etí ni ó mú un jáde, ni wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀ sí “tọ̀sán tòru”. Ẹ̀dà kan náà fi “ọ̀fẹ́ ni” sí ìparí àwòrán 4, ó sì bẹ̀rẹ̀ àwòrán 5 láìmẹ́nu kan owó oògùn títí dé ìparí. Àwọn olùgbọ́ mú “ọ̀fẹ́” kọjá sí oògùn ibà. Ìdí nìyí tí “Oògùn, owó ni” fi wà níbi tí ó wà, pẹ̀lú ìhun kan náà bí “Àjẹsára, ọ̀fẹ́ ni”, kí etí lè gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ìlù ni ó tún ku. Ẹni tí ó ń to fídíò pọ̀ sábà máa ń fẹ́ fi dùndún sí abẹ́ ohùn kí ó lè ní adùn Yorùbá. Dùndún ń sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí ó fi ń sọ ọ́ náà ni nọ́ọ̀sì fi ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Olùgbọ́ tí ó gbọ́ ìlù yóò máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ìlù wà níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń rìn bọ̀ ní àwòrán 1, kí ó dákẹ́ bí ó bá ti ní “Ẹ kú ilé”. Bákan náà, ọ̀rọ̀ tí a bá kọ sójú àwòrán gbọ́dọ̀ ní àmì ohùn, tàbí kí ó jẹ́ iye tí a fi nọ́ńbà kọ, nítorí pé “ogun” tí kò ní àmì lè jẹ́ ohun mẹ́rin.

Nígbà tí a wò ó láìsí ohùn, àwọn tí ó wò ó dáhùn ìbéèrè ọjọ́ àti ti owó, ṣùgbọ́n wọ́n ní ilẹ̀kùn tí iná tàn lókè rẹ̀ ní òru ni àwọn yóò gbé ọmọ lọ. A fi ọ̀rọ̀ méjì kún ojú àwòrán 3: “Ìrọbí nìkan”. Àwòrán 4 ni a ní kí wọ́n yà lọ́tọ̀, kí gbólóhùn rẹ̀ má sì so mọ́ ti èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ àjẹsára lè yí padà. Bí ó bá yí padà, òun nìkan ni wọn yóò tún yà.